Ìsàlẹ̀ ìdá ló ba ààlà jẹ́

Ìṣirò kan dá awuyewuye sílẹ̀ ní kíláàsì lẹ́sìn kan ní Àsẹ́rò, l'Abẹ́òkúta níbí: bí |x| ≤ 2, ẹ wá nọ́ńbà tí |(x² + 3x − 1)/(x − 5)| kò lè kọjá. 11/7 ni wọ́n kọ sójú pátákó. Ẹ fi x = 2 dán an wò: òkè di 9, ìsàlẹ̀ di −3. Láìka àmì sí, 3 nìyẹn, ó sì ju 11/7 lọ fíìfíì.

Òkè kò ní wàhálà. Òfin onígun mẹ́ta ní |a + b| ≤ |a| + |b|, nítorí náà òkè kò lè ju 4 + 6 + 1 = 11 lọ. (Àmì ìyọkúrò kò dín nǹkan kù níbí o, −1 náà di 1.)

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í. Wọ́n lo òfin náà bákan náà, wọ́n ní |x − 5| ≤ 7. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà tí a fi ń pín bá ṣe tóbi tó ni èsì ń kéré sí i. Ohun tí a nílò ni bí ìsàlẹ̀ ṣe lè kéré mọ. Ẹ kọ 5 báyìí: 5 = (5 − x) + x. Òfin kan náà wá fún wa ní 5 ≤ |x − 5| + |x|, ìyẹn ni pé |x − 5| ≥ 5 − 2 = 3. Ààlà wa di 11/3.

Kò fún pinpin, torí pé 3 gan-an ni ìdá náà ga dé, ṣùgbọ́n kò ní já. Bí wọ́n bá sọ pé |x| ≤ 5 ni, 5 − |x| lè di 0, kò sì ní sí ààlà kankan.