Bí A Ṣe Ń Ka Ọjọ́ Ìparí àti Nọ́ńbà Báàṣì, àti Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iye Tí Ooru Ti Jẹ Nínú Rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí oògùn, ike ìpara tàbí agolo oúnjẹ kò dá dúró. Ìlà kékeré kan máa ń wà lára ọjà náà, ìyẹn èyí tó sọ pé kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò gbóná ju 25°C tàbí 30°C lọ. Orí ìlà yẹn ni ọjọ́ náà dúró lé. Bí ọjà bá ti wà níbi tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe ìlérí kankan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́wàá ṣì kù lójú páálí. Oògùn ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun ni àṣìṣe rẹ̀ léwu jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la fi ń ka ti ìpara àti ti oúnjẹ.

1. Ẹ wá gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀

Ẹ gbé e wá sínú ìmọ́lẹ̀. Lára páálí, ojú ibi tí a ti ń ṣí i ló sábà máa ń wà. Lára káàdì oògùn, ẹ wo etí rẹ̀: nígbà mìíràn wọn kì í lo íńkì, ṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú rẹ̀, àfi kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó rí i. Ìpara inú túùbù ń gbé tirẹ̀ sí ìdí tí wọ́n tẹ̀ pa, agolo sì ń gbé e sí ìsàlẹ̀ tàbí orí ìdérí.

MFG tàbí MFD ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. EXP ni ọjọ́ tí lílò rẹ̀ parí. LOT, BATCH, B.N. tàbí L lásán ló ń ṣáájú nọ́ńbà báàṣì. Lórí oúnjẹ, ẹ fi ìyàtọ̀ sáàárín USE BY àti BB tàbí BBE. USE BY jẹ mọ́ ààbò: bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ má jẹ ẹ́, kódà bí kò bá rùn. BB jẹ mọ́ adùn àti bó ṣe rí lẹ́nu: ọjọ́ rẹ̀ lè kọjá kí bisikíìtì má pariwo lẹ́nu mọ́, kó má sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Oògùn kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. EXP ni tirẹ̀.

2. Ẹ ka ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́

Bí ó bá jẹ́ oṣù àti ọdún nìkan, bíi EXP 04/2027, ẹ lè lò ó títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà, ìyẹn 30 oṣù kẹrin.

Wàhálà wà níbi ọjọ́ bíi 04/05/27. Àwọn kan ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, Ṣáínà àti Jàpáànù sì máa ń fi ọdún ṣáájú. Ẹ wo ọjọ́ kejì tó wà lára ọjà kan náà. Bí MFG bá jẹ́ 18/05/25, ẹ ti mọ̀ pé ọjọ́ ló ṣáájú, nítorí kò sí oṣù kejìdínlógún. Bí kò bá sí ohun tó lè là á, èyí tó bá yá nínú méjèèjì ni kí ẹ mú.

Ọ̀pọ̀ ìpara kò ní EXP rárá. Lábẹ́ òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìpara tó bá lè pẹ́ ju 30 oṣù lọ kí wọ́n tó ṣí i kò nílò ọjọ́ ìparí; àwòrán ike tí ìdérí rẹ̀ ṣí ni wọ́n ń yà sí i, pẹ̀lú 6M, 12M tàbí 24M. Ìyẹn ni iye oṣù tí a fi lè lò ó lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Kò sẹ́ni tó ń rántí ọjọ́ tó ṣí ìpara, nítorí náà ẹ fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ike lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i.

3. Ẹ fi nọ́ńbà báàṣì yẹ̀ ẹ́ wò

Nọ́ńbà báàṣì ń sọ ọjà tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá rí àléébù nínú rẹ̀, nọ́ńbà yìí ni wọ́n máa fi kéde èyí tí wọ́n ń kó padà lórí àtẹ. Kò sí òfin kan tó sọ bí ilé iṣẹ́ yóò ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wọ́pọ̀: nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ìparí ọdún, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọjọ́ mélòó nínú ọdún.

Ẹ jẹ́ ká mú LOT 5143B2. 5 lè jẹ́ ọdún 2025, 143 sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógóje. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún náà jẹ́ 120 ọjọ́, ó ku 23, nítorí náà ó bọ́ sí 23 oṣù karùn-ún. Bí MFG tó wà lára rẹ̀ bá jẹ́ 05/2025, kíkà yín bá a mu. Bí kò bá bá a mu, ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ má fi ìméfò ṣe é. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra oògùn máa ṣe rèé: ẹ fi nọ́ńbà ara páálí wé ti ara káàdì inú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà dé lẹ́tà, EXP méjèèjì náà gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹnì kan ti kó káàdì yìí sínú páálí tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kan náà ló sábà máa ń tẹ LOT àti EXP lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àwọn tó-tò-tó íńkì wọn máa ń tóbi bákan náà, ìlà wọn á sì bára dọ́gba. Bí LOT bá dúdú rekete tí EXP nìkan wá wọ́, tàbí tí ojú ibẹ̀ ń dán bí ibi tí wọ́n ti nu nǹkan kúrò, tàbí tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, ẹ má rà á.

4. Ẹ ṣírò ooru

Oògùn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ooru ló ń mú kó yára. Òdiwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé bí ìgbóná bá fi 10°C lé sí i, bíbàjẹ́ náà á yára tó ìlọ́po méjì, ti àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń tó mẹ́ta. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn pàápàá ń lo ìmọ̀ yìí: wọ́n á kó oògùn sínú yàrá tó gbóná tó 40°C fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n lè tètè rí ohun tí ọdún púpọ̀ yóò ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú káàdì oògùn kan: MFG 05/2025, EXP 04/2027, kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ju 25°C lọ. Oṣù 24 ni wọ́n fún un. Ká ní ó lo oṣù mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbi tó tutù dáadáa, títí di ìparí oṣù kejì ọdún 2026. Ó ku oṣù 14. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó sún mọ́ òrùlé, níbi tó ń gbóná tó 35°C tọ̀sán-tòru, fún oṣù mẹ́ta. Oṣù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ méjì, nítorí náà mẹ́fà ló lọ. Nígbà tó bá fi máa gbé e kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹfà, páálí á ní oṣù 11 ló kù, ṣùgbọ́n oṣù 8 ni ìṣírò wa fún un: ìparí oṣù kìíní ọdún 2027. Ká ní 45°C ni ibẹ̀ ni, oṣù kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mẹ́rin, oṣù mẹ́ta yẹn nìkan á sì gba 12.

Ìṣírò yìí ní ààlà. Ìfojúdíwọ̀n ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn ti bàjẹ́. Kò sì ṣeé yí padà: gbígbé oògùn sínú fìríìjì kò lè sún EXP síwájú. Bákan náà, àwọn nǹkan kan wà tí wọn kì í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí a ń ti bọ ìdí lè yọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìpara lè pínyà, omi rẹ̀ lọ́tọ̀, òróró rẹ̀ lọ́tọ̀. Ínsúlìnì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sí nínú ìṣírò yìí rárá. 2°C sí 8°C ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú wọn sí, dídì sínú yìnyín sì ń ba ínsúlìnì jẹ́ bí ooru ṣe ń bà á jẹ́.

5. Ẹ wọn ibi tí ẹ ń kó o sí

Ìgbóná tí wọ́n kéde lórí rédíò kọ́ ni ti inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ gbé tẹmọ́mítà síbi tí oògùn wà gan-an, kí ẹ wò ó ní aago méjì ọ̀sán àti lálẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Orí fìríìjì máa ń gbóná ju bí a ṣe rò lọ, ojú fèrèsé ń gba oòrùn, ilé ìwẹ̀ sì ní ọ̀rinrin. Inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn ló burú jù; ó lè kọjá 60°C.

6. Ẹ fi ojú àti imú yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e

Asipirín tí ọ̀rinrin ti wọ̀ máa ń rùn bíi fínígà, nítorí ásíìdì inú fínígà gan-an ni ó ń yọ jáde lára rẹ̀. Wàrà oníyẹ̀fun á di ìdì, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n, òróró á ní òórùn kíkan. Agolo tó bá wú, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù. Agolo tó pẹ́ nínú ooru líle tún lè kan láìwú, nítorí irúgbìn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí sísè kì í pa, tó jẹ́ pé inú ooru bẹ́ẹ̀ ló ti ń hù.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ hóró oògùn ń dínkù lágbára láì yí àwọ̀ padà. Bí ẹ bá sì ti da omi sínú oògùn olómi oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fún ọmọdé, EXP ara páálí kò kàn án mọ́. Ọjọ́ 7 tàbí 14 ló ní, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Oògùn ojú tí à ń kán náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ lẹ́yìn ṣíṣí.

Oògùn ọkàn, ti wárápá, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ínsúlìnì àti àwọn tó ń pa kòkòrò àrùn: bí ooru bá ti kàn wọ́n, ẹ má dá ìpinnu ṣe. Ẹ mú páálí àti káàdì rẹ̀ lọ bá apòògùn, kí ẹ ka nọ́ńbà báàṣì fún un, kí ẹ sì sọ bí ibi tó wà ṣe gbóná tó àti iye ọjọ́ tó lò níbẹ̀.