Ọjọ́bọ̀ wọn, Ẹtì wa: aago ìpè láàárín Los Angeles àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan ní Los Angeles fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fóònù. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Thursday, 5 November 2026, 5:00 pm PT". Fóònù mi ní wákàtí mẹ́jọ la fi ṣíwájú wọn, mo bá ní aago kan òru Ọjọ́bọ̀ ni. Àbúrò mi ní aago méjì ni. Ta ló gbà á?

Ìdáhùn: Àbúrò rẹ ló gbà á. Aago méjì òru ni, ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kọkànlá.

Fóònù rẹ ò purọ́. Iye wákàtí tó wà láàárín wa lónìí ló fi hàn ọ́, inú oṣù Kẹwàá la sì ṣì wà. Ní California, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Lọ́dún yìí, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ló bọ́ sí, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìpè rẹ. Lónìí, wákàtí méje ni Los Angeles fi wà lẹ́yìn GMT. Lọ́jọ́ ìpè, yóò di mẹ́jọ. Àwa fi wákàtí kan ṣíwájú GMT láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Mẹ́jọ lé ọ̀kan, mẹ́sàn-án.

Wá kà á gba ààjìn kọjá. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ dé aago méjìlá òru jẹ́ wákàtí méje. Ibẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ parí sí. Nínú mẹ́sàn-án, ó ku méjì: aago méjì, Ẹtì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni "òru Ọjọ́bọ̀" tí o sọ yẹn. Lẹ́nu wa, ilẹ̀ tó bá mọ́ ni ọjọ́ fi ń yí. Lórí aago, 12:00 òru ni. Nínú oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíé. Ìpè tirẹ̀ jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ní Los Angeles. Wọ́n sọ fún un nílé pé "aago mẹ́ta òru Ìṣẹ́gun" ni. Ó jí ní aago mẹ́ta tí ilẹ̀ Ìṣẹ́gun fẹ́ mọ́, ó jókòó ti fóònù títí àkùkọ fi kọ, kò sẹ́ni tó pè. Ó gbà pé wọ́n já òun kulẹ̀ ni. Lóru kejì ó gbé fóònù sínú pálọ̀ kó lè gba iná, ó lọ sùn. Ìpè méjì tí kò gbé ló bá lójú rẹ̀ láàárọ̀: 3:00 àti 3:04. Nítorí náà, máa sọ pé "Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì", kí o sì kọ ọjọ́ oṣù mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi kí ọkàn mi balẹ̀?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ kà á padà sẹ́yìn. Yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú aago méjì òru Ẹtì: méjì á gbé ọ dé ààjìn, méje tó kù á gbé ọ dé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó bára mu.

Lẹ́yìn náà, ṣí Google Calendar, fi ìpè náà sí ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, 5:00 pm. Tẹ "Time zone", yan Los Angeles, kí o tó tọ́jú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ jókòó sí Ẹtì, 6, 2:00 am. Bó bá dúró sí Ọjọ́bọ̀ 5:00 pm, o ò tíì yan Los Angeles. Bó bá jẹ́ 1:00 am ló fi hàn, aago fóònù rẹ fúnra rẹ̀ wà lórí GMT. Dá a padà sí Lagos.

Kí o wá fi èyí ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i:

```
Thu 5 Nov 2026, 5:00 pm Los Angeles
= Fri 6 Nov 2026, 2:00 am Lagos
```

Orúkọ ìlú ni kí o kọ, má kọ PST, orúkọ aago wọn nígbà tí wọn ò bá sún un síwájú. Àwọn míì ń kọ PST láti January dé December, kódà nígbà tí aago wọn ti yí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní Los Angeles máa ń pè mí ní aago mẹ́jọ alẹ́ gbogbo Sátidé. Ṣé ó kàn mí?

Ìdáhùn: Ó kàn yín, mà. Ọ̀sán gangan, aago méjìlá, ló máa ń pè yín níbẹ̀. Sátidé 31 oṣù Kẹwàá, aago mẹ́jọ náà ni. Láti Sátidé 7 oṣù Kọkànlá, bí kò bá yí àkókò tirẹ̀ padà, aago mẹ́sàn-án ni ìpè yóò máa wọlé, títí aago wọn yóò fi tún sún síwájú ní 14 oṣù Kẹta 2027. Bí ẹ bá ń sùn ṣáájú aago mẹ́sàn-án, ẹ ní kó máa pè yín ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tirẹ̀.