Rẹtiró tí a fi tú káàdì tó há sílẹ̀

Àwa 7 la wà nínú ẹgbẹ́ tó ń kọ áàpù ìsanwó kan ní Yábàá, l'Ékòó. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la pín iṣẹ́ wa sí, ọjọ́ iṣẹ́ 10; ìpín kọ̀ọ̀kan là ń pè ní sípíríǹtì. Ní ọ̀sán Jímọ̀ tó bá kẹ́yìn rẹ̀ la máa ń jókòó ṣe rẹtiró, ìpàdé tí a fi ń wẹ̀yìn wo bí iṣẹ́ ṣe lọ àti ohun tó yẹ ká tún ṣe. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa darí rẹ̀, mo kọ́kọ́ ṣí àkọsílẹ̀ rẹtiró mẹ́ta tó ti kọjá, mo ka gbogbo ohun tí a kọ sábẹ́ "ohun tí a ó ṣe". 11 ni. 2 péré la ṣe. "Ká máa bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa." "Ká tètè máa ṣàyẹ̀wò kóòdù." Kò sí orúkọ ẹnì kankan níwájú wọn, kò sí ọjọ́. Ta ni yóò wá ṣe é?

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan kí rẹtiró wa tó kàn, mo jókòó ti bọ́ọ̀dù tí a fi ń tọ́ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀, káàdì náà á sì máa sún láti òpó kan bọ́ sí èkejì títí yóò fi dé `Done`. Bí èèyàn bá ṣí káàdì, yóò rí ọjọ́ tó wọ òpó kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí gbogbo 14 tó wà nínú sípíríǹtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀. 8 ti parí. Nínú 6 tó kù, 5 ló jókòó sí `In Review`, níbi tí kóòdù ti ń dúró kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ inú áàpù. Ọ̀kan nínú wọn ti pé ọjọ́ iṣẹ́ 5 níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo wa la sì ti ń sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Àwọn ọjọ́ yìí fi hàn pé kíkọ kóòdù kọ́ ló ń pẹ́, ìdúró ló ń pẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lẹ àwọn ọjọ́ náà mọ́ ògiri, láìkọ orúkọ ẹni tó ni káàdì kankan sí i, kí ó má bàa di ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, mo ní kí kálukú fi ìṣẹ́jú 8 kọ ohun tó rí sórí ìwé pélébé, ohun kan sórí ìwé kan, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, bí ẹni tó dàgbà jù bá ti lanu, àwọn tó kù á ní "bẹ́ẹ̀ náà ló rí, sà", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mo gba àwọn ìwé náà, mo dà wọ́n pọ̀, èmi fúnra mi ni mo kà wọ́n sókè. Kò sẹ́ni tó mọ ìwé ta ni mò ń kà.

A lẹ àwọn tó jọra pọ̀. Ọ̀rọ̀ iná àti ti báńkì tó máa ń pẹ́ kó tó dá wa lóhùn wà níbẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń wà. Òótọ́ ni wọ́n, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tí àwa 7 lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kó wọn sí ìwé ọ̀tọ̀, mo ṣèlérí pé màá gbé wọn lọ bá mánéjà lọ́jọ́ Ajé, a sì bọ́ síwájú. Kálukú wá fi bírò tọ àmì 3 sára ohun tó fẹ́ ká yanjú. Èmi ò dìbò, nítorí èmi ni mo kó àwọn ọjọ́ yẹn wá. Nínú àmì 18, 11 bọ́ sórí àyẹ̀wò kóòdù.

Mo béèrè pé kí ló ń dá káàdì dúró. Wọ́n ní àwọn ẹ̀gbọ́n méjì tó láṣẹ láti fọwọ́ sí kóòdù kò ráyè. Mo yíjú sí ọ̀kan nínú wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ mọ̀ pé káàdì yìí ń dúró dè yín?"

Wọ́n ní, "Àná ni mo mọ̀. Ìmeèlì tó ń wọlé ti pọ̀ jù."

Àbúrò wa tó kéré jù wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde: "Ẹ má bínú, sà. Mo rí i pé ọwọ́ yín dí. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń lé yín kiri."

Ẹ̀gbọ́n gbé bírò wọn sílẹ̀. "O ò bá ti sọ fún mi nígbà yẹn."

"Ó ṣòro fún mi, sà."

Ẹnì kan ti fẹ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ká máa rán ara wa létí". Mo ní kó dúró ná. Bí a bá kọ ìyẹn, ọrùn ọmọ tí kò lè lé àgbà kiri náà la tún gbé ẹrù lé, nǹkan kan kò sì ní yí padà. Ohun tí a ń wá ni ètò tí ọmọdé kankan kò fi ní máa lé àgbà kiri rárá. Èrò mẹ́ta jáde, a mú ọ̀kan: ní ìpàdé òwúrọ̀ tí a máa ń dúró ṣe ní agogo 9 ààbọ̀, `In Review` la ó ti máa bẹ̀rẹ̀. Káàdì tó bá ti ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ níbẹ̀, wọ́n á pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ sókè, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì á sì sọ agogo tí àwọn máa wò ó lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀dù ló ń bèèrè, kì í ṣe ẹni tó kọ kóòdù.

Arábìnrin tó ń dán iṣẹ́ wa wò gbà láti máa pe nọ́ńbà náà láti ọjọ́ Ajé. A kọ bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, káàdì tó ju ọjọ́ kan lọ ní `In Review` kò gbọ́dọ̀ ju 2 lọ. Kí a tó dìde, ó ti ṣe káàdì kan fún ètò náà sórí bọ́ọ̀dù, láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn "ohun tí a ó ṣe" 11 ìṣáájú kò dórí bọ́ọ̀dù rí, inú àkọsílẹ̀ ìpàdé ni wọ́n wà.

Káàdì yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ rẹtiró tó tẹ̀ lé e. 11 nínú 14 ti parí, àmọ́ 3 ló ju ọjọ́ kan lọ, a kò dé ibi tí a fàmì sí. A wo ọjọ́ wọn: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há láàárín ọjọ́ méjì tí ara arábìnrin náà kò yá, tí kò sẹ́ni tó pe nọ́ńbà. Nítorí náà a kò fi ètò náà sílẹ̀. A sọ ọ́ di àyípo, ẹnì kan lọ́jọ́ kan. Mo tún ka iye káàdì tí wọ́n dá padà nítorí àṣìṣe, torí èèyàn lè fọwọ́ sí kóòdù láìkà á kí iye káàdì tó há lè wálẹ̀. 4 ni nínú sípíríǹtì ìṣáájú, 4 náà ni lẹ́yìn rẹ̀.

Ní sípíríǹtì kẹta, káàdì kan ṣoṣo ló há. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pe nọ́ńbà rẹ̀, síbẹ̀ ó lo ọjọ́ 3. Mo ṣí i: kóòdù inú rẹ̀ lé ní ìlà 800. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kò lè kà á tán ní ìjókòó kan. Òun la lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn.