Ìgò fáúndéṣọ̀n mẹ́ta ni mo rà kí n tó mọ ọ́ndátóònù ara mi

Fọ́tò kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A lọ ayẹyẹ kan, mo múra, mo kun ojú mi dáadáa, nínú díńgí ojú mi dán, ó wù mí wò, àfìgbà tí fọ́tò jáde tí mo rí i pé ojú mi dà bíi pé wọ́n fi eérú pa á, ọrùn mi sì dúdú ní tiẹ̀, ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì hàn lábẹ́ àgbọ̀n mi bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Títí dòní tí mo bá rántí ẹ̀ inú ṣì ń bí mi. Owó kékeré kọ́ ni mo fi ra ìgò fáúndéṣọ̀n tí mo kùn yẹn, ẹni tó sì tà á fún mi ló yàn án, ó fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi lábẹ́ iná gílóòbù, ó ní "ó bá ẹ mu gan-an", èmi náà gbà, mo sanwó, mo lọ.

Ẹ̀yìn ọwọ́ tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ fi jọ ojú? Iná tó pọ́n bí iná àtùpà sì rèé, kò sí àwọ̀ tí ò ní dáa lábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ìgbà yẹn mi ò mọ̀.

Ohun tí mo rò nígbà tí mo rí fọ́tò yẹn ni pé ṣéèdì yẹn ló mọ́lẹ̀ jù fún mi, nítorí náà mo lọ ra ìgò kejì, orúkọ kan náà, mo kàn sọ̀kalẹ̀ sí ṣéèdì méjì tó dúdú jù ú lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé eérú yẹn ò kúrò? Ó kàn dúdú sí i ni. Ojú mi wá dà bí èédú tí wọ́n bu eérú lé lórí. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà gan-an nìyẹn, ọ̀pọ̀ àwa tá a dúdú la sì máa ń ṣe é: tí ojú bá ti rí bí eérú, a ó ní ká wá èyí tó dúdú sí i, nígbà tó jẹ́ pé bí àwọ̀ ṣe dúdú tó lọ́tọ̀, àwọ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọ́ndátóònù, lọ́tọ̀. Ẹni méjì lè dúdú bákan náà kí ti ọ̀kan máa pọ́n lábẹ́, kí ti ìkejì máa ṣe bíi wúrà.

Mo wá lọ ra ìgò kẹta. Kí n má purọ́, èyí ló dùn mí jù. Wọ́n sọ fún mi pé kí n wá ìgò tí wọ́n kọ lẹ́tà W sí, pé ìyẹn ló wà fún ara tó gbóná, ìyẹn ara tí àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣe bíi wúrà tàbí ọsàn, pé gbogbo ènìyàn dúdú ló gbóná lábẹ́. Mo kùn ún láàárọ̀, ó rẹwà, mo fò sókè, mo ní mo ti rí i. Tó fi máa di ọ̀sán, ojú mi ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Mo rò pé mo kùn ún nípọn jù, lọ́jọ́ kejì mo kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tún pọ́n. Ohun tó fà á ni pé fáúndéṣọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìgò kọ́ lèèyàn máa gbé kiri: omi inú ẹ̀ á gbẹ, òróró ara á wọ inú ẹ̀, á wá dúdú díẹ̀ sí i, á sì pọ́n sí i. Èyí tí pupa inú ẹ̀ ti pọ̀ jù látilẹ̀ á wá burú.

Ìgbà tí mo ní kí n wá ọ́ndátóònù mi fúnra mi ni wàhálà tòótọ́ dé. Gbogbo ibi tí mo kà ni wọ́n ti ń sọ pé kí n yí ọrùn ọwọ́ mi padà kí n wo iṣan, tó bá ṣe búlúù ara mi tutù, ìyẹn ni pé àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ fẹ́ ṣe pupa tàbí búlúù, tó bá ṣe bí ewéko ara mi gbóná. Mo dúró sójú fèrèsé, mo yí ọwọ́ mi síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, bóyá iṣan méjì ni mo rí, àwọn náà ò sì hàn dáadáa. Èyí tó hàn rí bí ewéko, ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé inú awọ tó dúdú lojú ń gbà wò ó, bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan nínú gíláàsì tó ní àwọ̀. Ìdánwò yẹn, ẹni tí awọ ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Mo tún gbìyànjú ti wúrà àti fàdákà, wọ́n ní èyí tó bá bá mi mu ló máa sọ fún mi, àwọn méjèèjì bá mi mu! Mo lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, àárẹ̀ mú mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ko gbogbo ìgò yẹn dànù.

Àǹtí mi kan tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù fún ìyàwó ló yọ mí. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n fi fúláàṣì yà á ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Wọ́n ní kí n wá èyí tí wọn ò fi fúláàṣì yà, torí pé fáúndéṣọ̀n tó ní èròjà tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn, àti pọ́dà funfun tí wọ́n ń fi lé e lórí, lè tàn padà sí kámẹ́rà kí ojú funfun, kó má sì sí ohun tó ṣe ṣéèdì. A rí méjì tí wọ́n yà nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, eérú yẹn wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, fáúndéṣọ̀n yẹn ló jẹ̀bi. Lọ fọ ojú ẹ, má fi nǹkan kan kùn ún, kó o wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yìí."

Wọn ò wo ọwọ́ mi rárá. Wọ́n wo àyà mi, wọ́n wo ọrùn mi, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n mi, wọ́n ní iwájú orí mi àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi dúdú ju àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ àwa dúdú, nítorí náà tí mo bá fi àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ yan ṣéèdì, ojú mi á máa mọ́lẹ̀ ju ara mi lọ títí ayé. Wọ́n wá mú ṣéèdì mẹ́ta tí wọ́n dúdú bákan náà: ọ̀kan ṣe bíi wúrà, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan pọ́n lábẹ́. Wọ́n fa ìlà mẹ́ta láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n lọ sí ọrùn, fífẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ò ju ti ìka lọ, wọ́n ní kí n wo díńgí.

Ẹ̀yin èèyàn, ó dà bíi pé wọ́n ṣí mi lójú. Ti wúrà yẹn rí bí ìdọ̀tí, ó ṣe yẹ́lò tó tún fẹ́ dà bí ewéko. Èyí tó wà láàárín, eérú! Eérú inú fọ́tò yẹn gan-an. Ìkẹta, mo wá a tì. Ó ti wọ inú awọ mi lọ, àfìgbà tí mo sún mọ́ díńgí tí mo fi rí i pé ibẹ̀ ń dán díẹ̀. Pupa ló wà lábẹ́ àwọ̀ mi látọjọ́ yìí, pupa tó ṣókùnkùn, kì í ṣe ti ọsàn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ìgò kejì fi rí bí eérú nígbà tó dúdú. Wọ́n ní nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe àwọ̀ fáúndéṣọ̀n jù: funfun kan, pẹ̀lú pupa, yẹ́lò àti dúdú tí wọ́n ń rí lára irin. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ṣéèdì dúdú tí wọ́n wá kàn ń da dúdú lé funfun, tí pupa àti yẹ́lò ò tó, funfun àti dúdú náà ló máa di eérú. Nítorí náà bí mo bá sọ̀kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ irú ìgò yẹn, eérú ni mo máa bá níbẹ̀.

Ti lẹ́tà W yẹn, wọ́n ní kí n má gbọ́kàn lé e, torí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú, ibòmíì wà tí lẹ́tà kan náà túmọ̀ sí òdìkejì. Ìgò kẹta mi, àwọ̀ ọsàn ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe pupa tèmi.

Yíyan bó ṣe máa dúdú tó wá rọrùn. Wọ́n fa ìlà méjì nínú ọ̀wọ́ pupa yẹn, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ti fẹ́ mú èyí tó dọ́gba lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni ǹ bá mú ká ní mo dá wà, àmọ́ nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé òun ló ti dúdú kọjá ọrùn mi, èyí tó kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ló wá dọ́gba. Òun ni mo rà. Mo sì tọrọ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbé e sójú láti àárọ̀ dalẹ́ kí n tó sanwó, èyí tó yẹ kí n ti ṣe látìgbà ìgò àkọ́kọ́.

Àwọn ìgò tó kù ńkọ́? Méjì àkọ́kọ́ ò níṣẹ́, Àǹtí ní pupa tí mo máa dà sí i kó tó gbọ́ á pọ̀ jù. Àmọ́ a rí ọgbọ́n dá sí ti ìpẹtà yẹn. Búlúù ló ń pa àwọ̀ ọsàn, wọ́n sì ń ta búlúù olómi tí wọ́n ṣe fún pípo mọ́ fáúndéṣọ̀n. Mo tẹ ìgò lẹ́ẹ̀mejì sórí àwo kékeré, mo ki orí igi ìtayín bọ búlúù yẹn, mo fi kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, mo pò ó títí tí ìlà búlúù kankan ò fi hàn mọ́. Ẹ má da odindi ẹ̀kán kan sí i o, mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó dúdú ṣìì, mo dà á nù. Ìwọ̀n orí igi ìtayín kan sí ìtẹ̀ méjì, ìyẹn ló bá tèmi mu, á sì dúdú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ojú àti iwájú orí mi ni mo máa ń fi ìyẹn sí, kí n wá fi èyí tó bá mi mu sáàárín.