Ẹ má kàn yí ọfà padà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe gúlúkóòsì tuntun

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń fi pírúfétì, ohun tí gúlúkóòsì máa ń dà bí ara bá fọ́ ọ, ṣe gúlúkóòsì, ọ̀pọ̀ wọn á ya ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tí ara fi ń fọ́ gúlúkóòsì, wọ́n á sì dojú gbogbo ọfà kọ òkè. Méje nínú àwọn ọfà náà á tọ̀nà, torí ẹ́ńsáìmù kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní lílọ àti ní bíbọ̀. Mẹ́ta tó kù ni wàhálà wà. Ẹ má yí ọfà àwọn yẹn padà, torí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí PEP, ohun tó ṣáájú pírúfétì, ti ń fún ADP ní fọ́síféètì tó sì ń di pírúfétì, tí ADP náà sì ń di ATP, owó agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná. Agbára tó ń jáde bí PEP bá tú fọ́síféètì rẹ̀ sílẹ̀ tó nǹkan bí 62 kJ fún móòlù kan. Ṣíṣe ATP kan ò gbà ju nǹkan bí 30.5 lọ, ìyókù bá ooru lọ. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi ATP kan ṣoṣo dá pírúfétì padà sí PEP, náírà ọgbọ̀n ló mú lọ ra ọjà ọgọ́ta.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀dọ̀ máa ń sanwó náà. Nínú mitokọ́ńdíríà, yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, ẹ́ńsáìmù pírúfétì kabọ́síléèsì, tí fítámì báyótìn ń ràn lọ́wọ́, á ná ATP kan láti lẹ kábọ́ọ̀nù kan mọ́ pírúfétì, á sì di ọsalóásítéètì. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńsáìmù PEPCK á ná GTP kan, tó jẹ́ owó agbára bíi ATP, á yọ kábọ́ọ̀nù yẹn kúrò bíi CO2, á sì fi fọ́síféètì sí i. Ìyẹn ló wá di PEP. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ òfò ni kí a lẹ kábọ́ọ̀nù kí a tún yọ ọ́: jíjáde CO2 yẹn gan-an wà lára ohun tó ń ti iṣẹ́ náà síwájú.

Ẹ má sì gbàgbé ibi tí a wà. Ọsalóásítéètì kò ní ọ̀nà tó lè gbà jáde nínú mitokọ́ńdíríà fúnra rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ di máléètì, kí ó jáde, kí ó sì padà di ọsalóásítéètì níta, èyí tó tún ń ṣe NADH, ohun tó ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí wọ́n nílò lókè. Bó bá jẹ́ láti ara laktéètì ni a ti bẹ̀rẹ̀, NADH ti wà níta tẹ́lẹ̀, nítorí náà PEP lè ti inú mitokọ́ńdíríà jáde tààrà.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e wà nínú ìṣirò. Ní ìgbésẹ̀ méjì òkè, ẹ́ńsáìmù FBPase-1 àti G6Pase máa ń fi omi já fọ́síféètì kúrò ni. Kò sí ATP kankan tó padà wá níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ná an níbẹ̀ nígbà tí à ń fọ́ gúlúkóòsì. Fún gúlúkóòsì kan láti ara pírúfétì méjì, ATP mẹ́rin àti GTP méjì ló lọ. Ẹni tó bá kọ méjì péré, ọfà ló kàn yí padà. G6Pase yìí kan náà sì ni iṣan ara kò ní. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ní in. Ẹ má kọ ọ́ pé iṣan ń tú gúlúkóòsì sínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó fi gbogbo èyí hàn ní gbangba ni iṣin. Èso iṣin tí kò tíì pọ́n ní hàipóglísìn, májèlé tó ń dí ọ̀nà tí ara ń gbà jó ọ̀rá. Bí ọ̀rá kò bá jó, ásẹ́tìlì-CoA, ohun tí ọ̀rá ń dà bó bá jó, á dínkù. Òun ló ń ta pírúfétì kabọ́síléèsì jí. Bí ó bá sì dínkù, ẹ́ńsáìmù náà á dẹwọ́. ATP tí ó yẹ kó ná pẹ̀lú á wọ́n. Ọmọ tó jẹ iṣin bẹ́ẹ̀ lè máa bì, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, kí gìrì sì mú un. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ náà ni ara ń gbà padà, ásẹ́tìlì-CoA kò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ ṣọ́ra, kí ẹ má fi èyí sọ pé ásẹ́tìlì-CoA ń di gúlúkóòsì: ó ń ta ẹ́ńsáìmù jí ni, àmọ́ ara ènìyàn kò lè fi kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kún iye gúlúkóòsì tó ń ṣe.

Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fa gúlúkóòsì fúnra rẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára: ó ti kọjá ibi tí ọ̀nà ti dí.