Bí mo ṣe tẹ káàdì àti pósítà ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá

Kéèkì ni mò ń ṣe tà ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sẹ́bàá títì, ohun méjì ni mo fẹ́ tẹ̀: káàdì tí màá máa fún oníbàárà, àti pósítà tí yóò kéde ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mọ́kọ́lá ni mo gbà lọ. Àwọn onítẹ̀wé pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń fi láminéṣọ̀n, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bò ó àti ẹni tó ń gé e kì í jìnnà síra wọn, èèyàn sì lè tẹ̀lé iṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Mi ò tíì jókòó tí onítẹ̀wé fi bi mí pé, “Àǹtí, mélòó lẹ fẹ́?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ìwé náà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó kó àwọn káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ rí sórí tábìlì: gíráàmù 250, 300 àti 350. Nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n ìwé náà tó bá fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ 250 díẹ̀, yóò rọ̀ mọ́ ọn yín lọ́wọ́. 350 yóò ta padà.

Ibi tó yẹ kí èèyàn la ojú ni pé láminéṣọ̀n máa ń mú kí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dà bí èyí tó nípọn. Bí wọ́n bá bo 250 níwájú àti lẹ́yìn, ọwọ́ lásán lè pè é ní 300. Ìdí nìyí tí mo fi gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà dání. Abala tí wọ́n fi ń tẹ káàdì lórí dí-áì, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, fẹ̀ ní íńṣì 13, ó gùn ní 19. Mẹ́wàá irú abala bẹ́ẹ̀, tí ó bá jẹ́ gíráàmù 350 lóòótọ́, yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 558; 300 yóò wọn bíi 478; 250 kò ní tó 400. Díẹ̀ tó bá lé tàbí tó dín kì í ṣe èrú, nítorí ìwé máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe 350 fún yín tí òṣùwọ̀n sì ń sọ 470, ẹ mọ ohun tí wọ́n kó fún yín. Ọmọ iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ fẹ́ bínú nígbà tó rí òṣùwọ̀n mi. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó gbé ìwé sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ojú káàdì, òun ló sì gba àkókò mi jù. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí oníbàárà yóò wá gbé kéèkì àti owó tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn káàdì. Mo bẹ onítẹ̀wé pé kó fún mi ní àwọn àjákù tí wọ́n gé kúrò lára iṣẹ́ ẹlòmíì, mo yọ báírò, mo kọ “Sátidé” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìka nù ún. Lórí láminéṣọ̀n gílọ́ọ̀sì tó ń dán, báírò ń yọ̀ ni, kò tilẹ̀ mú. Lórí mát tí kì í dán, ó mú, ṣùgbọ́n ìka kan ṣoṣo ló nù ún kúrò. Lórí àátì káàdì tí wọn kò fi nǹkan kan bò, ó mú, àmọ́ ó pẹ́ kó tó gbẹ. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń dán níwájú nìkan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Ìyẹn gba báírò bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Òun ni mo mú, mo sì ní kí wọ́n fi mát bo iwájú, nítorí bọ́tà kì í wọ́n lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n kìlọ̀ fún mi pé káàdì tí wọ́n bo ojú kan rẹ̀ máa ń ká. Òótọ́ ni: ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ ń fa omi, ó ń fẹ̀, iwájú tí rọ́bà wà kò lè fẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá tẹ̀ sí iwájú. Lásìkò òjò ló ń burú jù. Bí ìwé bá ṣe nípọn tó ni kì í fi í tètè ká, ìdí tí mo fi sanwó ìwé gíráàmù 350 nìyẹn, tí mo sì ń fi rọ́bà so ìdì káàdì mi. Mo tún yí àwọ̀ iwájú padà láti búráwùn tó ṣú sí àwọ̀ kírímù. Mát lórí àwọ̀ dúdú kò bo àṣírí: ibi tí èékánná bá ti họ ọ́ á funfun gbòò.

Ní ti iye, abala kan ń gbé káàdì 25. Nítorí náà 100 jẹ́ abala mẹ́rin, 200 jẹ́ mẹ́jọ. Ẹni tó bá béèrè 110 yóò san owó abala karùn-ún fún káàdì mẹ́wàá. Mo tẹ 200. Wọ́n rọ̀ mí pé tí mo bá tẹ 1,000 lórí ẹ̀rọ ńlá, ẹyọ kan á wọ́n dín. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé àyágbé ni ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni màá ṣì wà kí 1,000 tó tán.

Pósítà ní ìṣirò tirẹ̀. Lórí dí-áì, ₦400 ni wọ́n pe ẹyọ A3 kan fún mi, bó ṣe mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún. Lórí ẹ̀rọ ńlá, pléètì mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ tó ń gbé àwòrán, ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á sì ba ìwé mélòó kan jẹ́ kí àwọ̀ tó bára mu. Wọ́n gé gbogbo ìyẹn sí ₦60,000, bó ti wù kó kéré tó, ìwé àti íǹkì sì jẹ́ ₦100 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Níbi 200, méjèèjì á bá ara wọn dé ₦80,000. Kò tó bẹ́ẹ̀, dí-áì ló dára. Ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ńlá. Ọjọ́ ìṣíṣọ́ọ̀bù wà lára tèmi, kò sì sẹ́ni tó máa ka pósítà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ọgọ́ta ló tó mi: ₦24,000.

Ibi tí pósítà ń lọ ló sọ ìwé tí mo lò. Ogún nínú wọn yóò wà lára gíláàsì àwọn ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò fi sẹ́lótéèpù mú wọn. Gíráàmù 150 ni mo fún àwọn yẹn, torí ó ń dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í hàn bí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú wá. Ogójì tó kù ni a fẹ́ fi sítáàṣì lẹ̀ mọ́ ògiri ní Agbówó àti Ọjọ́ọ̀. Ìwé 150 le jù fún ìyẹn: igun rẹ̀ á máa ta sókè kí sítáàṣì tó gbẹ, afẹ́fẹ́ á sì ráàyè wọ abẹ́ rẹ̀. Bọ́ńdì 80 náà tún fẹ́lẹ́ jù, ó ń mu omi sítáàṣì títí á fi hunjọ, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lára ògiri á sì máa hàn. Àátì pépà gíráàmù 115 ni mo mú. Dí-áì gba méjèèjì lọ́wọ́ kan náà, wọ́n kàn pààrọ̀ ìwé inú rẹ̀ ni, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Ká ní ẹ̀rọ ńlá ni, wọ́n á tún ẹ̀rọ tò nítorí ìwé kejì, owó á sì gorí owó.