Transifọ́mà 200 kVA tó ń kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: bí mo ṣe wá ìdí rẹ̀

Kíkùn kì í ṣe àrùn fún transifọ́mà. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn nínú rẹ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan nípọn tó bí 0.3 mm, máa ń nà, wọ́n sì máa ń sún kì padà, ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo iná kọ̀ọ̀kan. Iná 50 Hz ni tiwa, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi jẹ́ 100 Hz. Bí ó bá ń kùn ju bó ṣe máa ń kùn lọ ni kí á tó wá nǹkan ṣe.

Èyí tí mo ṣe jẹ́ 11/0.415 kV, ó wà ní òpópónà tó ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará àdúgbò ní aago méje alẹ́ ni ariwo rẹ̀ máa ń le jù. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ariwo tó ń wá nígbà tí gbogbo ilé tan iná, lóòdù ló ń fà á. Èyí tó ń pọ̀ sí i lóru, nígbà tí èèyàn ti sùn, fóòtì tó ga jù ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Mo lọ ní aago méje ààbọ̀ pẹ̀lú kílámpù mítà tí wọ́n kọ “True RMS” sí lójú. Mítà olówó pọ́ọ́kú máa ń parọ́ níbi irú lóòdù báyìí. Rẹ́ẹ̀dì jẹ́ 240 A, yẹ́lò 310 A, búlúù 190 A, níútírà 150 A. 278 A ni ti 200 kVA lórí fésì kọ̀ọ̀kan, torí náà yẹ́lò nìkan ló ti kọjá ààlà, bí àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tilẹ̀ tíì kọjá. Mo wọn orí táǹkì: 74°C.

Níútírà ni mo dúró lé lórí. Bí àìdọ́gba nìkan ló ń dà á láàmú, iye tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ súnmọ́ èyí:

```
N = √(R² + Y² + B² − RY − YB − BR)
```

Ó fún mi ní 104 A, kì í ṣe 150. Èyí tó lé lórí rẹ̀ jẹ́ hàmóníìkì kẹta, iná tó ń yí ní ìlọ́po mẹ́ta 50 Hz tiwa, ìyẹn 150 Hz, láti inú ínfátà, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù LED àti ṣájà. Ti fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í pa ara wọn lórí níútírà, ńṣe ni wọ́n ń kó jọ. √(150² − 104²) jẹ́ nǹkan bí 108 A.

Ní ọjọ́ kejì a gba àṣẹ kí wọ́n pa láìnì 11 kV, a sì yọ gbogbo fíùsì inú fídà pílà. Lẹ́yìn náà wọ́n dá iná padà sí transifọ́mà láìsí lóòdù. Ẹnikẹ́ni má ṣe fa fíùsì yọ nígbà tí lóòdù wà lórí rẹ̀, iná lè bú síni lójú. Kíkùn náà rọlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìró kan tó ń gbọ̀n bí páànù ṣì wà níbẹ̀. Fóòtì jẹ́ 428 láàárín fésì sí fésì. Ká ní ó ju 440 lọ ni, màá ní kí a yí táàpù tó ń dín fóòtì kù, nígbà tí iná bá ti kú pátápátá.

Ìró páànù yẹn lè jẹ́ irin inú tó ti tú, ó sì lè jẹ́ bóòtì ìta. Mo fi igi gbígbẹ gígùn kan etí mi, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ìsàlẹ̀ táǹkì, jìnnà sí búṣìnì. Ìró náà le jù ní ẹsẹ̀ irin tí ó fi jókòó. Wọ́n tún pa iná, a dán an wò pé kò sí iná mọ́, a fi íàtì dè é, a sì rí bóòtì méjì nínú mẹ́rin tó ti tú. Nígbà tí a dì wọ́n, ìró páànù lọ. Bí kò bá lọ ni, a jẹ́ pé kíláńpù inú ti tú, ooru sì sábà máa ń jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀, torí ó máa ń mú kí pépà àti pákó inú sún kì. Ìyẹn kò ṣe é dì ní òpópónà: iṣẹ́ wọ́ṣọ́ọ̀bù ni, níbi tí wọ́n á ti gbé gbogbo inú rẹ̀ jáde kúrò nínú ọ́ìlì.

A pín àwọn ilé kan láti yẹ́lò sí búlúù. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n jẹ́ 240, 254 àti 246 A. Orí táǹkì bọ́ sí 66°C, kíkùn sì padà sí bó ti wà. Níútírà sọ̀ kalẹ̀ sí 109 A, kò sì lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ mọ́: pípín ilé kò lè gé hàmóníìkì kúrò. Dyn11 ló wà lára àwo orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé délítà ni wọ́n fi so wáyà inú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ 11 kV; hàmóníìkì kẹta yẹn máa ń yí ká inú délítà, ó sì ń gbóná níbẹ̀. Nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn apráísà, wáyà tó ń gbé iná jáde lọ sí àwọn ilé, lọ sórí transifọ́mà mìíràn, kí lóòdù má ju 220 A lórí fésì kọ̀ọ̀kan.